Ibi tí wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì ló ń pinnu iye owó-orí

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Olúyọ̀lé, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. ₦300,000 ni owó oṣù mi. Nínú péésílíìpù oṣù kẹrin ọdún 2026, wọ́n yọ ₦19,200 fún owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì yọ ₦36,500 fún owó-orí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó yẹ kí owó ìfẹ̀yìntì yẹn dín owó-orí mi kù. Akáǹtáǹtì wa ní inú owó kan náà ni méjèèjì ti ń jáde, pé èyíkéyìí tó bá ṣáájú, ọ̀kan náà ni. Ta ló tọ̀nà nínú wọn?*

Ọ̀rẹ́ rẹ ló tọ̀nà, àbúrò mi. ₦33,044 ló yẹ kí wọ́n yọ fún owó-orí lóṣù náà. Wọ́n ti gba ₦3,456 lọ́wọ́ rẹ ju bó ṣe yẹ lọ. N kò tíì fojú kan péésílíìpù rẹ, ṣùgbọ́n ₦36,500 yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀, màá sì fi hàn ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ akáǹtáǹtì yín. Bí ó bá jẹ́ pé iye méjì tí wọ́n ti pinnu sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ nínú owó kan, òótọ́ ni pé kò sí èyí tí a kò lè fi ṣáájú. Bí o bá jẹ gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ₦10,000, tí o sì fẹ́ san owó iná ₦5,000, èyíkéyìí tí o bá kọ́kọ́ san, iye tó máa ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ kò ní yí padà. Àmọ́ owó-orí kì í ṣe iye tí wọ́n ti pinnu sílẹ̀. Ìdá kan nínú owó kan ni, òfin sì ti sọ owó tí wọ́n máa mú ìdá náà nínú rẹ̀. Owó yẹn ni iye tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí owó ìfẹ̀yìntì bá ti jáde. Ẹni tó bá ṣírò owó-orí lórí gbogbo ₦300,000, tó wá yọ owó ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn náà, ti bu owó-orí lé owó tí òfin ní kí ó má fọwọ́ kàn.

Òfin méjì ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí iye tí òṣìṣẹ́ bá dá sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà lára ohun tí a ń yọ kí a tó ṣírò owó-orí. Òfin owó-orí tuntun ti ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, náà kà á mọ́ ohun tí a ń yọ. Òfin tuntun yìí ti pa ìdẹ̀rùn ńlá àtijọ́ rẹ́, èyí tó máa ń yọ ₦200,000 àti ìdá 20 nínú 100 owó ọdún sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi wá gba àkíyèsí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà nípò rẹ, owó ìfẹ̀yìntì àti ìdẹ̀rùn lórí owó ilé ni nǹkan méjì tó ṣì lè dín owó tí owó-orí ń bá kù lọ́nà tó hàn.

Ó yá, ká ṣírò tìrẹ.

Ìdá 8 nínú 100 ni òfin ní kí òṣìṣẹ́ dá, ó kéré tán. Kì í ṣe lórí gbogbo owó oṣù ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bésíkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n máa pa pọ̀, òfin kò sì gbà kí ìpìlẹ̀ ìṣirò náà kéré sí àpapọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí pé ₦19,200 ni wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ, mo mọ̀ pé mẹ́ta yẹn jẹ́ ₦240,000 nínú owó oṣù rẹ, torí ìdá 8 nínú 100 ti ₦240,000 ni ₦19,200. ₦60,000 tó kù á jẹ́ owó oúnjẹ, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí orúkọ mìíràn tí iléeṣẹ́ yín bá fún un. Títí dé ibí, iṣẹ́ wọn mọ́.

Ọdún ni owó-orí ń wò, kì í ṣe oṣù. ₦300,000 lọ́nà oṣù 12 jẹ́ ₦3,600,000. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ láàárín ọdún jẹ́ ₦230,400. Yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦3,369,600. Èyí ni owó tí owó-orí ń bá. Orí rẹ̀ nìkan ni ìpele owó-orí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ronú nípa ìpele wọ̀nyí bí ìkòkò tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Ìkòkò àkọ́kọ́ gba ₦800,000, kò sì sí owó-orí lórí ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá kún ni owó ń ṣàn sínú ìkejì, èyí tó gba ₦2,200,000, tí ìdá 15 nínú 100 wà lórí rẹ̀. Bí òun náà bá kún, ohun tó kù á bọ́ sínú ìkẹta, èyí tó gba ₦9,000,000, ìdá 18 nínú 100 sì ni tirẹ̀. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn, tí ìdá wọn ń gòkè títí dé 25 nínú 100, ṣùgbọ́n owó rẹ kò dé ibẹ̀. Bí owó bá dé inú ìkòkò kẹta, ìyẹn kò sọ gbogbo owó rẹ di ti ìdá 18. Ohun tó wà nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń san ìdá ìkòkò tirẹ̀ nìkan.

Da ₦3,369,600 rẹ sínú wọn. ₦800,000 lọ sínú àkọ́kọ́, owó-orí rẹ̀ jẹ́ òfo. ₦2,200,000 kún ìkejì, owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦330,000. Ó ku ₦369,600 tó bọ́ sínú ìkẹta, ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ ₦66,528. Àpapọ̀ owó-orí ọdún kan jẹ́ ₦396,528. Pín in sí 12, ₦33,044 lóṣù ló jáde.

Wàyí o, ṣe é bí akáǹtáǹtì yín ṣe ṣe é. Da gbogbo ₦3,600,000 sínú ìkòkò láì yọ nǹkan kan. Àkọ́kọ́ òfo, ìkejì ₦330,000, ìkẹta gba ₦600,000, ìdá 18 rẹ̀ jẹ́ ₦108,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦438,000, tí a bá pín in sí 12, ₦36,500 gééré. Iye tó wà nínú péésílíìpù rẹ nìyẹn láì yẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ pé nọ́ńbà náà ń jẹ́rìí ara rẹ̀ nìyẹn.

Wo ìyàtọ̀ ₦3,456 yẹn dáadáa. Ìdá 18 nínú 100 ti ₦19,200 ni. Kì í ṣe ìdá 15, kì í sì ṣe ìdá kan láàárín àwọn méjèèjì. Orí owó rẹ ni a ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì, nítorí náà inú ìkòkò ìkẹyìn tí owó rẹ dé ló ti ń dín. Iye tí o ń rí gbà padà nínú owó-orí ń tẹ̀lé ìdá tó ga jù tí owó rẹ kàn. Fún ìwọ, nínú gbogbo ₦100 tó wọ inú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ, ₦18 jẹ́ owó tí ìbá ti bá owó-orí lọ. ₦19,200 wọ àpò rẹ, àmọ́ owó tó ń wọlé sí báńkì rẹ dín ní ₦15,744 péré nítorí rẹ̀. Owó-orí tí o bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kò tún dúró dè ọ́ lọ́jọ́ iwájú, torí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n bá san fún ọ lábẹ́ òfin náà lẹ́yìn iṣẹ́ kò ní owó-orí.

Ẹni tí owó rẹ̀ wà lẹ́bàá etí ìkòkò máa rí nǹkan tó yàtọ̀ díẹ̀. Ká ní ẹlẹgbẹ́ rẹ kan ń gba ₦260,000 lóṣù, tí owó rẹ̀ pín bíi tìrẹ. ₦3,120,000 ni lọ́dún, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì jẹ́ ₦199,680. Bí wọn kò bá yọ ọ́, ₦120,000 nínú owó rẹ̀ máa ṣàn dé ìkòkò kẹta, owó-orí ọdún rẹ̀ á sì jẹ́ ₦351,600. Bí wọ́n bá yọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó ku ₦2,920,320, ìkòkò kẹta ṣófo pátápátá, owó-orí sì di ₦318,048. Ó fi ₦33,552 sàn fún un lọ́dún: apá kan lórí ìdá 18, apá kan lórí ìdá 15. Ẹni tí owó ọdún rẹ̀ kò tilẹ̀ kọjá ₦800,000 kò ní rí ẹ̀dín kankan, torí kò sí owó-orí lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a fẹ́ dín.

Bí o bá fẹ́ máa yẹ tìrẹ wò lóṣooṣù, ṣí ìwé ìṣirò Excel lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Kọ owó ọdún tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì sínú A1, kí o sì tẹ èyí sínú B1:

```
=(MAX(0,MIN(A1,3000000)-800000)*0.15+MAX(0,MIN(A1,12000000)-3000000)*0.18)/12
```

Iye owó-orí oṣù kan ló máa jáde. Ó ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí owó tí owó-orí ń bá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ₦12,000,000 lọ lọ́dún. Bí o bá kọ 3369600, 33044 ló gbọ́dọ̀ fún ọ.

Kí o tó wá lọ bá akáǹtáǹtì yín, mo fẹ́ kí o mọ àṣìṣe mìíràn tó yí ọ̀rọ̀ yìí ká, kí ẹ má baà bọ́ nínú ọ̀kan kí ẹ kó sí òmíràn. Èyí tí mò ń rí jù ni ti àwọn tó rò pé inú owó-orí gan-an ni wọ́n ti máa yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ni pé ₦36,500 yọ ₦19,200, kó ku ₦17,300. Rárá o. Inú owó tí a fẹ́ ṣírò lé lórí ni a ti ń yọ ọ́, kì í ṣe inú owó-orí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti sọ fún ọ pé gbogbo ₦19,200 ló máa padà sọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti bá a lọ.

Òmíràn ni ìdá 10 nínú 100 tí iléeṣẹ́ ń dá kún tìrẹ. Fún ìwọ, ₦24,000 ni lóṣù, nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ₦240,000 kan náà. Owó iléeṣẹ́ ni. Kò sí nínú ₦300,000 rẹ, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó-orí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ ìdá 8 àti ìdá 10 pa pọ̀, tí inú òṣìṣẹ́ sì ń dùn pé owó-orí òun kéré. Owó-orí tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ máa ń di gbèsè lọ́jọ́ tí àwọn agbowó-orí bá wá yẹ ìwé iléeṣẹ́ wò. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó máa ń kọ ₦24,000 yẹn mọ́ àpapọ̀ owó lójú ìwé kí owó lè dà bíi pé ó pọ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀ ná, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rárá.

Òmíràn tún wà tí kò kàn ọ́, ṣùgbọ́n tó wọ́pọ̀: iléeṣẹ́ tó ń ṣírò ìdá 8 lórí bésíkì nìkan. Bí bésíkì rẹ bá jẹ́ ₦120,000, ₦9,600 péré ni wọn ìbá yọ dípò ₦19,200. Òṣìṣẹ́ máa rò pé wọ́n ṣe òun lóore. Ní tòótọ́, ìdajì owó tó yẹ kó wọ àpò rẹ̀ ló wọ ibẹ̀, ìdá 10 ti iléeṣẹ́ náà á dín sí ìdajì, owó-orí rẹ̀ á sì lé sí i.

Mo fi owó alájẹṣẹ́kù ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn, torí ní Ìbàdàn níbí, kò sí péésílíìpù tí kò ní i. Owó tí o ń fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó yíyá tí wọ́n ń gé, owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, lẹ́yìn owó-orí ni gbogbo wọn ń jáde. Kò sí ọ̀kan tó ń dín owó-orí kù, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. Owó ìfẹ̀yìntì dá yàtọ̀ nítorí pé òfin dárúkọ rẹ̀. Owó ìlera ti ìjọba àpapọ̀ àti owó àkànṣe ilé gbígbé náà wà lára ohun tí òfin dárúkọ, bí wọ́n bá ń gé wọn lọ́wọ́ rẹ.

Owó ilé náà wà ńbẹ̀, o kò sì mẹ́nu bà á. Òfin tuntun gbà kí o yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí o san lọ́dún, ṣùgbọ́n ohun tí o máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Bí o bá ń san ₦600,000 fún ilé kan ní Akóbọ̀, ₦120,000 ni ìdẹ̀rùn rẹ. Ibì kan náà tí owó ìfẹ̀yìntì ti jáde ni òun náà ti ń jáde, ṣáájú kí a tó da owó sínú ìkòkò. Owó tí owó-orí ń bá á wá di ₦3,249,600, owó-orí rẹ lóṣù á sì wálẹ̀ sí ₦31,244. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé iléeṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ìwọ lo máa kọ iye tí o san fún wọn, pẹ̀lú rìsíìtì àti ìwé àdéhùn ilé. Ti owó ìfẹ̀yìntì, ọwọ́ wọn ni gbogbo nọ́ńbà wà, wọn kò ní àwáwí.

Bí o ṣe máa lọ bá wọn ni pé kí o mú péésílíìpù náà dání kí o sì wá ìlà tí wọ́n kọ `Taxable Income` sí, ìyẹn owó tí owó-orí ń bá lóṣù náà. Bí wọ́n bá kọ ₦300,000 síbẹ̀, ẹjọ́ ti parí. ₦280,800 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ìlà náà kò bá sí rárá, ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò wọn hàn ọ́. Má bá wọn jà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ìṣirò owó oṣù ni wọ́n tò ní àtòdì nígbà tí wọ́n ń yí i sí òfin tuntun ní oṣù kìíní: wọ́n pa ìdẹ̀rùn àtijọ́ rẹ́, wọ́n sì pa ìyọkúrò owó ìfẹ̀yìntì rẹ́ mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló kàn.

Bí àṣìṣe náà bá ti wà láti oṣù kìíní, oṣù mẹ́rin ti lọ, ₦13,824 ni tìrẹ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n tún un ṣe nínú owó-orí àwọn oṣù tó ń bọ̀, kí àpapọ̀ ọdún lè bọ́ sí ₦396,528. Bí wọ́n bá dá gbogbo rẹ̀ padà ní oṣù karùn-ún, ₦19,220 ni wọ́n máa yọ lóṣù yẹn, lẹ́yìn náà á di ₦33,044 lóṣooṣù. Ó dáa kí ó ṣẹlẹ̀ kí ọdún tó parí, torí ní ìparí oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ni iléeṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ kó àkọsílẹ̀ ọdún lọ fún àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa lépa owó náà nínú àkọsílẹ̀ tìrẹ, èyí tí wọ́n ń retí títí di ìparí oṣù kẹta, ìyẹn sì máa ń pẹ́ púpọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìyọkúrò yìí tó tọ́ sí ọ, owó náà gbọ́dọ̀ dé inú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ tí wọ́n ń pè ní RSA, kì í ṣe kó kàn wà lórí péésílíìpù. Òfin fún iléeṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá san owó oṣù láti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́. Béèrè àkọsílẹ̀ àpò rẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. ₦43,200 ló yẹ kó máa wọlé lóṣooṣù, ìyẹn ₦19,200 tìrẹ àti ₦24,000 ti agbanisíṣẹ́. Bí o bá rí oṣù tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ yín, kí o fi ẹ̀dà péésílíìpù oṣù náà mọ́ ọn. Bí wọn kò bá dáhùn, fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí PenCom ní Àbújá, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Àjọ náà ní agbára láti gba owó náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú owó ìtanràn, tí kì í dín ní ìdá 2 nínú 100 ohun tí wọ́n jẹ fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi pẹ́, inú àpò rẹ sì ni owó ìtanràn yẹn ń lọ.